Ta Ló Ra Dọ́là Tí Ọmọ Yín Fi Ránṣẹ́?

Ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ méjì ni mo máa ń gbọ́ nípa owó tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń fi ṣọwọ́ sílé, àwọn méjèèjì kò sì bára mu. Àwọn kan ní owó yìí ni kò jẹ́ kí náírà kú tán, pé bí kò bá sí i, ibi tí dọ́là ìbá dé ì bá burú ju èyí lọ. Àwọn mìíràn ní òun gan-an ló ń sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, pé owó tí kò sí nílùú tẹ́lẹ̀ ló ń ya wọlé, òun ni ilẹ̀ Tánkẹ̀ fi ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe nígbà gbogbo, kì í sì í ṣe fún ìdí tí wọ́n ń sọ. Ìbéèrè kan ló máa ń tú u palẹ̀, a kì í sì í sábà bi ara wa: nígbà tí ọmọ fi dọ́là ránṣẹ́, tí òbí gba náírà, ta ló ra dọ́là náà?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Nọ́ọ̀sì kan ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ wà ní Ọmù-Àrán, ó ń parí ilé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Ọmọ fi 300 dọ́là ránṣẹ́, a sì ṣírò dọ́là kan ní 1,500 náírà kí ìṣirò lè rọrùn. Fóònù ìyá dún, alẹ́ẹ̀tì ti wọlé: 450,000 náírà. Ó pe ọmọ, ó ní, "Owó ti dé o, Ọlọ́run á tì ẹ́ lẹ́yìn." Lójú ìyá, owó yẹn ti Amẹ́ríkà wá. Ṣùgbọ́n dọ́là 300 náà kò kúrò ní Amẹ́ríkà rárá. Àkáǹtì kan níbẹ̀ ló ti jáde, àkáǹtì mìíràn níbẹ̀ náà ló sì wọ̀, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹni tó ni ín ti yí padà. Náírà tó dé Ọmù-Àrán, Nàìjíríà níbí ló ti wá.

Ìdí nìyẹn tí alẹ́ẹ̀tì fi lè dé láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan. Iléeṣẹ́ afowóránṣẹ́ ti kó náírà pamọ́ sí báńkì kan níbí tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ bá ti sanwó lọ́hùn-ún, inú náírà tí wọ́n ti kó pamọ́ yẹn ni wọ́n ti ń san fún ìyá. Dọ́là ọmọ máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà tí iléeṣẹ́ náà bá tà á fún báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́ láti fi rọ́pò náírà tó ti san. Títà yẹn gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ó lè jẹ́ pé báńkì náà tún dọ́là 300 náà tà fún oníbàárà rẹ̀ kan ní Èkó tó ń kó táyà wọlé láti Ṣáínà. Ọkùnrin yẹn ní láti fi 450,000 náírà rà á. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà: 450,000 jáde kúrò nínú àkáǹtì onítáyà, 450,000 wọ àkáǹtì ìyá. Bí a bá ka gbogbo owó tó wà nínú gbogbo àkáǹtì ní Nàìjíríà lánàá, tí a tún kà á lónìí, iye kan náà la máa bá. Owó kan kò pọ̀ sí i nílùú. Ohun tó pọ̀ sí i ni dọ́là tó wà fún títà ní ọjà báńkì, ìyẹn sì ń dín agbára tí dọ́là ń rí gbà lórí náírà kù, nítorí pé onítáyà ti rí tirẹ̀, kò tún ní lọ bá àwọn tó kù du ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀. Ní ọ̀nà yìí, àwọn tó ní owó òkèèrè ń gbé náírà ró ló jàre, àwọn tó ní ó ń kó owó tuntun wọ̀lú ló ṣì í.

Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé Báńkì Àpapọ̀ ló ra dọ́là náà, bóyá nítorí pé ó fẹ́ kí ìpamọ́ dọ́là orílẹ̀-èdè yìí pọ̀ sí i. Báńkì Àpapọ̀ kò dà bíi onítáyà. Kì í wá 450,000 náírà látinú àkáǹtì ẹnikẹ́ni kó tó ra nǹkan. Ṣe ló máa kọ ọ́ sínú ìwé báńkì tó ta dọ́là fún un, náírà náà á sì wà láti ìgbà yẹn lọ. Owó tuntun nìyẹn ní tòótọ́. Ìyá ti gba 450,000, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà tí 450,000 dín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn mìíràn bá ní owó òkèèrè ń mú kí owó pọ̀ jù nílùú, ọ̀nà yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Báńkì Àpapọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan tó ń gbà fà á padà ni pé ó ń pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n kó apá kan nínú owó tí àwọn èèyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ òun, kí wọ́n má lè yá a jáde. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2024, ìdajì gbáko ni wọ́n gbé apá náà sí fún àwọn báńkì ńlá tí gbogbo wa ń lò. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2025 wọ́n dín in kù sí 45 nínú 100. Ọ̀nà kejì ni pé ó ń ta ìwé gbèsè tirẹ̀ fún àwọn báńkì àti àwọn olówó. Ẹni tó bá rà á fi náírà rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, á sì gba èlé nígbà tí àsìkò bá pé. Ìfà-padà yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń darí ọjà, 27.5 nínú 100 ni ní Oṣù Kọkànlá 2024. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ṣòwò ní Ìlọrin lákòókò yẹn, èlé tí wọ́n bù lé e ga ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, bí dọ́là àwọn ọmọ bá pọ̀ débi pé Báńkì Àpapọ̀ ń rà á, apá kan nínú ìnáwó rẹ̀ máa ń já lé oníṣòwò tí kò ní ẹnikẹ́ni lókè òkun lórí.

Ọ̀nà kẹta tí dọ́là ọmọ lè gbà rí ẹni rà á ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwa ará ilé, òun náà ló sì ń da ọ̀rọ̀ rú jù. Ọmọ kò gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kankan. Ó ní ẹnì kan tó mọ̀ ní Tẹ́sáàsì, tí ẹni yẹn mọ onídọ́là kan nílé. Onídọ́là ní kí ó san 300 náà sínú àkáǹtì kan tó máa fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. Nílé níbí, oníṣòwò kan ti wà lọ́dọ̀ onídọ́là tó ń wá dọ́là láti fi san owó ọjà lọ́hùn-ún. Oníṣòwò yìí ló ń fi náírà tirẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sí ìyá ní Ọmù-Àrán. Ẹ ṣàkíyèsí alẹ́ẹ̀tì tó bá wọlé lọ́nà yìí: orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ, kì í sì í ṣe ti iléeṣẹ́ afowóránṣẹ́. Ó lè jẹ́ orúkọ ilé ìtajà pákó kan, tàbí ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìyá kò rí rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni 300 dọ́là yí ọwọ́ padà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni 450,000 náírà yí ọwọ́ padà ní Nàìjíríà, kò sì sí báńkì kankan tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé dọ́là wọ ìlú.

Owó tuntun kò wọ̀lú lọ́nà yìí náà. Bákan náà, kò tọ̀nà láti ní dọ́là bẹ́ẹ̀ kò ṣe náírà láǹfààní rárá, nítorí pé oníṣòwò yẹn ti rí dọ́là tirẹ̀, ẹnì kan ti dín kù nínú àwọn tó ń wá a. Ohun tó sọnù ni pé ọjà báńkì kò rí i. Iye tí báńkì ń pè máa ń gòkè nítorí pé dọ́là kò tó níbẹ̀, nígbà tí dọ́là tí ì bá tó o ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yìí ṣe gbòòrò tó, ẹ fi nọ́ńbà méjì wéra. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sílé ní 2023 tó nǹkan bíi 19.5 bílíọ̀nù dọ́là, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà tó ń gbà tó bẹ́ẹ̀. Ní Oṣù Keje 2024, Báńkì Àpapọ̀ fi ìdùnnú kéde pé 553 mílíọ̀nù dọ́là ló gba ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ afowóránṣẹ́ wọlé nínú oṣù kan yẹn, pé ó ju ìlọ́po méjì ti oṣù kan náà ní 2023 lọ. Bí gbogbo oṣù bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọdún kan kò ní tó 7 bílíọ̀nù. Kì í ṣe gbogbo ìyókù ló gba ọwọ́ onídọ́là o. Àwọn kan fi sínú àkáǹtì dọ́là, àwọn kan fi lé ẹni tó ń bọ̀ wálé lọ́wọ́. Síbẹ̀, àlàfo náà fẹ̀.

Kí ló lé àwọn ọmọ wa síbẹ̀? Iye ni. Ní ìparí 2022, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi 460 náírà lọ ní báńkì, ó sì ti ju 700 lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lóde. Ọmọ tó bá fi 300 gba iye báńkì, 138,000 náírà ni. Lóde, ó kéré tán, 210,000 ni. Ta ló máa sọ fún ìyá tó ń kọ́lé pé kó gba 138,000? Mi ò rò pé ó yẹ ká pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ ìlú, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣe nígbà náà. Ẹni tó fi iye irọ́ sórí dọ́là ló lé e jáde ní báńkì. Láti 2015 pẹ̀lú, Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí báńkì má ta dọ́là fún àwọn tó ń kó àwọn ọjà kan wọlé, ìrẹsì wà nínú wọn. Oṣù Kẹwàá 2023 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò lórí ọjà 43. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, oníṣòwò tó ń kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò ní ibòmíràn tó lè lọ ju òde lọ, dọ́là àwọn ọmọ wa ló sì ń dúró dè.

Òfin Báńkì Àpapọ̀ lórí owó òkèèrè náà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì dára kí ẹ rí bí ìyípadà kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé dọ́là láti ọjà kan lọ sí òmíràn. Ní ìparí Oṣù Kọkànlá 2020, wọ́n ní dọ́là gan-an ni kí wọ́n máa san fún ẹni tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí. Ní Oṣù Kẹta 2021, wọ́n fi 5 náírà lé orí dọ́là kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀bùn. Lórí 300 dọ́là, 1,500 náírà nìyẹn. Ìyá gba dọ́là lówó, kò lè fi ra sìmẹ́ǹtì, ó gbé e lọ bá onídọ́là. Dọ́là tó gba ẹnu ọ̀nà báńkì wọlé tún gba ibẹ̀ jáde sí òde. Ní ọjọ́ kẹrìnlá Oṣù Kẹfà 2023, wọ́n jẹ́ kí náírà wá ipele ara rẹ̀ ní báńkì, láti nǹkan bíi 470 ó sì ti ju 600 lọ kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ìparí Oṣù Kìn-ín-ní 2024, wọ́n ní náírà ni kí àwọn iléeṣẹ́ náà máa san, wọ́n sì mú ààlà tí wọ́n fi sí iye tí iléeṣẹ́ lè pè kúrò. Láti ìgbà náà, dọ́là tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn kì í dé ọwọ́ ìyá mọ́, inú ọjà báńkì ló ń kú sí, iye báńkì àti iye òde sì ti sún mọ́ra gan-an ju ti 2022 lọ. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá ti kéré báyìí, ewu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló wá ń hàn. Bí owó ilé ìtajà pákó yẹn bá jẹ́ owó ẹ̀tàn, àkáǹtì ìyá ni ọlọ́pàá àti báńkì máa tọ ipa rẹ̀ dé. Wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa, ìyá kò sì ní ìwé kankan tó fi hàn pé ọmọ òun ló fi owó náà ránṣẹ́.

Nípa iye dọ́là fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí náírà bá ti ṣubú, dọ́là tó ń wọlé á pọ̀ sí i, nítorí pé ó ti níyì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà míràn bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá fún àwọn tó ń ra ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀, 300,000 náírà. Nígbà tí dọ́là wà ní 750, 400 dọ́là ló ní láti fi ránṣẹ́. Nígbà tó di 1,500, 200 ti tó. Àbúrò gba náírà kan náà, ọjà dọ́là pàdánù 200. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, ìṣubú náírà ń dín dọ́là tó ń bọ̀ kù ní àsìkò tí a nílò rẹ̀ jù, títí owó ilé ẹ̀kọ́ fi máa gòkè bá a.

Ó sì ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì. Láàrin Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹrin 2024, dọ́là wálẹ̀ ní báńkì láti nǹkan bíi 1,600 sí nǹkan bíi 1,150, lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ ti gbé èlé sókè gan-an. Inú ọ̀pọ̀ dùn. Ìyá tó ń kọ́lé ní Ọmù-Àrán rí 300 dọ́là kan náà tó sọ̀ kalẹ̀ láti 480,000 sí 345,000, birikilà kò sì dín owó iṣẹ́ rẹ̀ kù. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ máa rántí nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé náírà gbéra: nínú ilé tó ń jẹ owó òkèèrè, ìròyìn náà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ayọ̀.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ṣi àwọn tó ń ka ìròyìn lọ́nà. Bí nọ́ọ̀sì yẹn bá fi 300 sínú àkáǹtì dọ́là ìyá rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, Báńkì Àpapọ̀ ń kà á mọ́ owó tó wà nílùú, ṣùgbọ́n náírà ni wọ́n fi ń kà á. Nígbà tí dọ́là wà ní 900, 270,000 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nígbà tó di 1,500, 450,000 ni. Ẹnikẹ́ni kò fi kọ́bọ̀ kún un. Nítorí náà, bí wọ́n bá kéde pé owó tó wà nílùú ti fi bílíọ̀nù báyìí báyìí pọ̀ sí i ní oṣù tí náírà ṣubú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé mélòó nínú rẹ̀ ló jẹ́ dọ́là àtijọ́ tí wọ́n tún fi iye tuntun kà.

Ilẹ̀ Tánkẹ̀ wá ńkọ́, bí ó bá ṣe pé kì í sábà sí náírà tuntun nínú ọ̀rọ̀ náà? Ẹ padà sí onítáyà. Èkó ni 450,000 rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Bí ó ṣe ra dọ́là ọmọ, owó náà bọ́ sí Ọmù-Àrán. Iye owó tó wà ní Nàìjíríà kò yí padà, ṣùgbọ́n ibi tó wà yí padà, ọwọ́ tó ń ná an náà sì yí padà. Ìlọrin àti gúúsù Kwárà ní ọmọ púpọ̀ lókè òkun, wọn kò sì ní iléeṣẹ́ ńlá púpọ̀, nítorí náà owó tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa lọ́nà báyìí ju èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde lọ láti ra dọ́là lọ. Ohun tí ọkọ̀ lè kó wá kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n nítorí ìyẹn: bí a bá ra ìrẹsì púpọ̀ sí i, lọ́rí á kó púpọ̀ sí i wá, ọ̀wọ́n rẹ̀ kò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìlú mìíràn. Ohun tí ọkọ̀ kò lè kó ló ń gbówó lórí: ilẹ̀, owó ilé, owó iṣẹ́ birikilà àti káfíńtà tó mọṣẹ́. Olùkọ́ tó ń gbowó oṣù ní náírà, tó ń wá yàrá méjì ní Tánkẹ̀, àti ọmọ tó fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀ láti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń dù, àwọn tó ní ilẹ̀ sì mọ èyí tó lè san jù nínú wọn.